Díjíìtì mélòó ló wà nínú páwà ńlá? Bí ẹ ṣe máa fi lọ́ọ̀gì mọ̀ ọ́n, àti ibi tí 0.3010 ti máa ń tanni jẹ

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń kọ sójú bọ́ọ̀dù fáwọn ọmọ léṣìn mi lágbègbè Òkè-Fìà níbí l'Óṣogbo, kò sì sí sáà kan tí kì í gbé ọ̀pọ̀ wọn ṣubú. Díjíìtì mélòó ló wà nínú 2^196? Wọ́n á yọ tébù fọ́ọ̀-fígọ̀ wọn jáde, wọ́n á wá lọ́ọ̀gì 2, wọ́n á táìmùsì ẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n á sì kọ 59. Ìdáhùn ẹ̀ ni 60.

Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ fajú ro sí mi nígbà kan, ó ní "Sà, bí ẹ ṣe kọ́ wa náà ni mo ṣe é o, ibo ni mo ti ṣì í?" Mo gba ìwé ẹ̀, mo wò ó látòkè délẹ̀, mi ò rí ibi tó ti ṣìṣe lóòótọ́. Tébù ló dà á. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, torí ọ̀nà yẹn fúnra ẹ̀ ò le rárá, ọmọ JSS tó bá mọ táìmùsì lè ṣe é, ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ táwọn èèyàn kì í yẹ̀ wò, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń jẹ wọ́n níyà.

Ohun tí ẹ máa nílò

Bírò àti pépà. Kalikulétọ̀ tó ní bọ́tìnnì log, ti fóònù náà máa ṣe é tẹ́ ẹ bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn bọ́tìnnì tó pọ̀ yẹn lè jáde. Tébù fọ́ọ̀-fígọ̀ tí ẹ bá ní in, a máa lò ó láti rí bó ṣe ń tanni. Kí ẹ sì kọ mẹ́ta yìí sí ẹ̀yìn ìwé yín, torí wọ́n á máa padà wá:

log 2 = 0.3010299957
log 3 = 0.4771212547
log 7 = 0.8450980400

Ẹ ò nílò láti há ti 5 sórí. 10 ni 2 táìmùsì 5, lọ́ọ̀gì 10 sì jẹ́ 1, torí náà ẹ yọ lọ́ọ̀gì 2 kúrò nínú 1, ó di 0.6989700043. Ti 6 ni ti 2 àti ti 3 tí ẹ ropọ̀. Ti 12 ni ti 2 lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ti 3. Gbogbo lọ́ọ̀gì tí mo bá dárúkọ níbí, lọ́ọ̀gì onímẹ́wàá ni o.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ àti ohun tó wà lókè

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kalikulétọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà náà kó ní ìsàlẹ̀ kan àti páwà kan. Àpẹẹrẹ tí màá lò nìyí. Ẹ mọ àwọn mẹ́séèjì WhatsApp tó máa ń ní "fi ránṣẹ́ sí èèyàn méje, ìyanu á ṣẹlẹ̀ lálẹ́ yìí"? Ká ní ẹni kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lónìí, tó fi ránṣẹ́ sí méje, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú méje yẹn náà sì fi ránṣẹ́ sí méje mìíràn lọ́jọ́ kejì, tí ẹnikẹ́ni ò já a fún ọdún kan gbáko, iye mẹ́séèjì tó máa jáde lọ́jọ́ tó kẹ́yìn jẹ́ 7^365. Èèyàn ò tó bẹ́ẹ̀ láyé, kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò mọ̀yẹn. Ìsàlẹ̀ ni 7, páwà ni 365. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí kalikulétọ̀ táwọn ọmọ ń gbé lọ síléèwé, Math ERROR ló máa kọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè gbé nọ́ńbà tó bá ti dé 10^100.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í: páwà tó gun orí páwà. 9^9^9 tí ẹ bá kọ ọ́ láìsí àkámọ́, òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìṣirò, ìyẹn 9^(9^9), páwà ẹ̀ sì jẹ́ 387420489. Ṣùgbọ́n Excel, ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀, ó máa kà á sí (9^9)^9, tó jẹ́ 9^81 lásán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kì í ṣe kékeré: èyí tó kẹ́yìn yìí ní díjíìtì 78, ti àkọ́kọ́ ní 369,693,100. Ẹ fi àkámọ́ sí i, àkámọ́ kì í bani lẹ́rù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí dáa? Ẹ tún un sọ lẹ́nu: "méje táìmùsì ara ẹ̀ nígbà 365." Tí ẹ ò bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì tò ó dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú lọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ náà

Lọ́ọ̀gì 7 ń sọ fún yín pé tí ẹ bá gbé 10 sí páwà 0.84509804, ẹ máa rí 7. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. À ń sọ 7 di ìran 10, torí 10 nìkan ni ọ̀rọ̀ díjíìtì mọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún bọ́tìnnì ln. Ó sábà máa ń wà nítòsí log, ìka sì máa ń yà síbẹ̀. ln 7 máa fún yín ní 1.9459, tí ẹ bá sì fi ìyẹn ṣiṣẹ́ ẹ máa ní díjíìtì tó ju ìlọ́po méjì iye tó yẹ, kò sì sí ohun tó máa pariwo pé ẹ ti ṣìṣe.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: lọ́ọ̀gì nọ́ńbà tó bá wà láàárín 1 sí 10 gbọ́dọ̀ wà láàárín 0 sí 1. Ti nọ́ńbà tó bá wà láàárín 10 sí 100 gbọ́dọ̀ wà láàárín 1 sí 2. Tí lọ́ọ̀gì 7 bá ju 1 lọ lọ́wọ́ yín, ẹ ti tẹ bọ́tìnnì mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ táìmùsì ẹ̀ pẹ̀lú páwà, kí ẹ má gé nǹkan kan kúrò

365 × 0.84509804 = 308.4607846

Ìyẹn ni pé 7^365 jẹ́ 10^308.4607846. Ẹ fi gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ti rí ẹni tó kọ́kọ́ gé 0.84509804 sí 0.85 "kó lè rọrùn", ó wá táìmùsì, ó di 310.25. Nǹkan kékeré tí ẹ gé kúrò nísàlẹ̀ yẹn, ìgbà 365 lẹ gé e, ó sì ti wọ inú díjíìtì yín.

Tí nọ́ńbà kan bá tún wà níwájú páwà náà, bíi 5 × 3^200, lọ́ọ̀gì 5 lẹ máa fi kún un, ẹ má lọ fi díjíìtì kún díjíìtì. 200 × 0.4771212547 jẹ́ 95.42425, ẹ fi 0.69897 kún un, ó di 96.12322. Ẹ wò ó, 3^200 nìkan ì bá fún wa ní díjíìtì 96, nígbà tí 5 dé ó di 97. Ká ní 2 ló wà níbẹ̀ dípò 5, 95.72528 ló máa jẹ́, iye díjíìtì ò sì ní yí padà. Ohun tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì ló ń pinnu ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ju ohun tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì sílẹ̀, kí ẹ fi 1 kún èyí tó kù

308.4607846, ẹ mú 308, ẹ fi 1 kún un: 309. Díjíìtì 309 ló wà nínú 7^365. Ó parí.

Kí ló dé tá a fi ń fi 1 kún un? Ẹ wo 100. Páwà 2 ni ti 10, ṣùgbọ́n díjíìtì mẹ́ta ló ní. Láti 100 títí dé 999, lọ́ọ̀gì gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, díjíìtì gbogbo wọn sì jẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan yẹn ni díjíìtì àkọ́kọ́, èyí tó dúró níwájú àwọn òdo.

Oríṣi àṣìṣe méjì ló pọ̀ jù níbí. Àkọ́kọ́ ni kí èèyàn sún un sí nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn kó tó fi 1 kún un. Ẹni tó bá ní 99.94 á sọ pé 100 nìyẹn, á fi 1 kún un, á kọ 101. 100 ló yẹ kó jẹ́, torí 99 la máa mú. Ìkejì fara pamọ́ díẹ̀: àwọn kan ti ṣàkíyèsí pé kéèyàn kàn máa sún un sókè ni, 308.46 di 309, wọ́n wá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àfi lọ́jọ́ tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 10 tó ní páwà gan-an. Lọ́ọ̀gì 1000 jẹ́ 3 géérégé, kò sí nǹkan lẹ́yìn pọ́ìntì láti sún sókè, wọ́n á kọ 3, bẹ́ẹ̀ díjíìtì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ẹ gé e, ẹ fi 1 kún un, ọ̀nà kan yìí kì í yẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí kékeré tí ẹ lè fojú kà. 7^4 jẹ́ 2401. 4 × 0.845098 jẹ́ 3.380, ẹ mú 3, ẹ fi 1 kún un, mẹ́rin. Ó bára mu. Àyẹ̀wò mìíràn tí mo fẹ́ràn ni èyí: 332 × 0.3010299957 jẹ́ 99.94, 333 ẹ̀ sì jẹ́ 100.24. Torí náà kalikulétọ̀ tí kò lè gbé 10^100 gbọ́dọ̀ gbé 2^332, kó sì kọ̀ láti gbé 2^333. Ẹ tẹ méjèèjì. Àkọ́kọ́ á jáde ní 8.749 × 10^99, ìkejì á ní Math ERROR. Àwọn ọmọ máa ń pariwo tí wọ́n bá rí ìyẹn, bíi pé mo pidán.

Tí ẹ bá ní Python lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ èyí:

```
print(len(str(7**365)))
```

309 ló máa kọ. Ẹ kàn mọ̀ pé Python 3.11 sókè máa ń kọ̀ láti sọ nọ́ńbà tó bá ju díjíìtì 4300 lọ di ọ̀rọ̀, á ní ValueError. Kì í ṣe pé ìṣirò yín burú, òfin tiẹ̀ ni. Ẹ tẹ èyí ṣáájú, á jẹ́ kó kọjá:

```
import sys
sys.set_int_max_str_digits(0)
```

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wò ó bóyá tébù ń tàn yín jẹ

Ibi tá à ń lọ gan-an rèé. Ẹ jẹ́ ká padà sí 2^196 àti ọmọkùnrin tó fajú ro yẹn.

Ó ṣí tébù, ó wo ìlà 20 lábẹ́ 0, ó rí 3010. Ó kọ 196 × 0.3010 = 58.996. Ó mú 58, ó fi 1 kún un, 59. Kò sí ẹ̀sùn lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Àmọ́ lọ́ọ̀gì 2 kì í ṣe 0.3010, 0.3010299957 ni. Tébù ti gé bíi 0.00003 kúrò kí ìwé náà tó dọ́wọ́ ẹ̀ rárá. 0.00003 dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ nígbà tó táìmùsì 196, owó tí tébù jẹ ẹ́ di 0.00588. Ẹ fi ìyẹn dá padà sórí 58.996, ó di 59.00188. Òdidi nọ́ńbà ti kọjá láti 58 sí 59, díjíìtì ti di 60. Tí ẹ bá tẹ 2^196 sórí kalikulétọ̀, torí ìyẹn ṣì kéré, ẹ máa rí 1.004336278 × 10^59. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ni, ẹsẹ̀ kan ló fi wọlé, tébù sì fà á padà síta.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ kó tó ṣubú? Tébù tó bá ní díjíìtì mẹ́rin lẹ́yìn pọ́ìntì lè ṣì tó 0.00005 sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ táìmùsì ìyẹn pẹ̀lú páwà yín. Ẹ wá wo èsì yín: báwo ló ṣe jìnnà sí òdidi nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn jù? Tí ibi tó jìnnà sí bá ju àṣìṣe yẹn lọ, ẹ lè sùn. Tí kò bá tó o, ẹ ò tíì mọ ìdáhùn, ẹ lọ wá lọ́ọ̀gì tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún 2^196. 196 × 0.00005 jẹ́ 0.0098. Èsì ẹ̀ jẹ́ 58.996, ó fi 0.004 péré jìnnà sí 59. 0.004 ò tó 0.0098. Tébù náà ti ń sọ fún un pé òun ò mọ èyí tó jẹ́, 59 ni tàbí 60, ọmọ náà ni kò bi í léèrè. Ká tún ṣe é fún 7^365: tébù ní 0.8451, ó máa fún wa ní 308.4615. Àṣìṣe tó lè wà níbẹ̀ ò ju 365 × 0.00005, ìyẹn 0.018 lọ, òdidi nọ́ńbà tó sì súnmọ́ ọn jù fi 0.46 jìnnà. Kò séwu, 309 dúró gbọn-in, ẹ ò tiẹ̀ nílò kalikulétọ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ ni pé tí páwà bá ti dé 10,000, kí wọ́n gbé tébù fọ́ọ̀-fígọ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí àṣìṣe ẹ̀ ti lè tó 0.5 níbẹ̀, kò sí èsì tó lè sá fún un. Ẹ gbìyànjú 2^50000. Tébù á ní 15050, ẹ máa kọ 15051. Òótọ́ ẹ̀ ni 15051.4998, díjíìtì 15052.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi ohun tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì wá díjíìtì tó ṣáájú

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí nọ́ńbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ jù sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 4 ló mọ̀ ọ́n. 10^0.4607846 jẹ́ 2.889. Torí náà 7^365 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2889, díjíìtì 305 mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn tó kẹ́yìn ńkọ́? Lọ́ọ̀gì ò lè sọ ìyẹn, ẹ má dà á láàmú.

Àyẹ̀wò ẹ̀: ohun tí ẹ bá rí gbọ́dọ̀ wà láàárín 1 sí 10. Tó bá jẹ́ 28 tàbí 0.28, òdidi nọ́ńbà yín wà nínú ohun tí ẹ gbé sí páwà.

Ká gbé e sórí èyí tó tóbi jù

Nọ́ńbà práìmù tó tóbi jù lára èyí tí mo mọ̀ tí wọ́n ti kéde ni 2^136279841 − 1. Luke Durant ló rí i nínú iṣẹ́ GIMPS, níbi táwọn èèyàn ti ń para pọ̀ fi kọ̀ǹpútà wọn wá irú práìmù ńlá bẹ́ẹ̀, wọ́n kéde ẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n sì ní díjíìtì 41,024,320 ló ní. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá àwa náà lè débẹ̀ látorí bẹ́ńṣì wa níbí l'Óṣogbo.

Ìgbésẹ̀ 1 kọ́kọ́ bi wá léèrè: 1 tí wọ́n yọ kúrò yẹn ńkọ́? Kí nọ́ńbà kan tó lè pàdánù díjíìtì nítorí 1 tí a yọ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 tí òdo tẹ̀ lé, bíi 1000 tó di 999. 2 tó ní páwà kì í parí sí òdo láé, 2, 4, 8, 6 ló ń yí po. Ẹ gbàgbé 1 yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi tébù wò ó ná: 136279841 × 0.3010 = 41020232.141. Ẹ máa kọ 41,020,233. Díjíìtì 4,087 ló sọnù.

Àwọn tó bá rò pé àwọn gbọ́n máa ń lo 0.30103. Ìyẹn dára gan-an, torí ó ṣe kòńgẹ́ pé ohun tó tẹ̀ lé e jẹ́ 0.30102999, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. 136279841 × 0.30103 = 41024320.536. Ẹ gé e, ẹ fi 1 kún un: 41,024,321. Àṣìṣe ọ̀kan ṣoṣo! Ọ̀kan yìí dùn mí ju 4,087 lọ, torí ẹni tó rí i á rò pé "fi 1 kún un" lòun ṣì gbọ́, á lọ ba ìgbésẹ̀ 4 jẹ́ láti tún ìgbésẹ̀ 2 ṣe, á sì máa ṣi gbogbo èyí tó kù láti ọjọ́ yẹn lọ.

Ẹ wá mú ẹ̀yìn ìwé yín, 0.3010299957, díjíìtì mẹ́wàá. 136279841 × 0.3010299957 = 41024319.95. Ẹ bi í léèrè bíi ti ìgbésẹ̀ 5: àṣìṣe tó lè wà níbẹ̀ jẹ́ 0.00000000005 táìmùsì 136279841, ìyẹn 0.0068. Òdidi nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn jù, 41024320, fi bíi 0.05 jìnnà. 0.05 ju 0.0068 lọ dáadáa, kò sí ìjà. Ẹ gé e sí 41024319, ẹ fi 1 kún un.

41,024,320. Ẹ ti débẹ̀.